Ohun kan ṣoṣo, ọjọ́ kan pàtó: bí a ṣe ń parí ímeèlì tí à ń retí èsì rẹ̀

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń kó ìwé ìròyìn ọdọọdún ilé iṣẹ́ wa jọ. Tí mo bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa àtàwọn olórí ẹ̀ka, bí mo ṣe máa ń parí ímeèlì náà rèé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì sọ èrò yín sí i. Àwọn fọ́tò tó kù náà ńkọ́? A tún ní láti jọ sọ̀rọ̀ lórí owó ìtẹ̀wé. Màá dúpẹ́ tí mo bá rí èsì yín láìpẹ́." Ọ̀gá á kàn dáhùn pé "Mo ti rí i, o ṣeun." Àwọn yòókù kì í tiẹ̀ fèsì. Báwo ni kí n ṣe máa parí rẹ̀ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń pàṣẹ fún àwọn tó jù mí lọ?*

Ọ̀gá yín ti dá yín lóhùn o. Ẹ ní kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, ló ṣe sọ pé òun ti rí i. Ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an ni pé kó fọwọ́ sí i, kí ìwé lè máa lọ sílé ìtẹ̀wé. Ẹ ò sì sọ ìyẹn níbì kankan nínú ìparí yẹn. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó débi ọ̀rọ̀ ọjọ́, torí kò sí ọjọ́ tí ẹ lè kọ tó máa ràn yín lọ́wọ́ tí ẹni náà ò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe.

Ẹ wo ìparí yín bí ẹni tó gbà á ṣe máa wò ó. Orí fóònù ló ti ń kà á, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìpàdé kan, ó sì fẹ́ wọ òmíràn. Ohun mẹ́rin ló bá níbẹ̀: kó yẹ iṣẹ́ wò, kó sọ èrò rẹ̀, kó wá fọ́tò, kó sọ̀rọ̀ owó. Èyí àkọ́kọ́ ò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Èkejì lè gbà á ní odindi ọ̀sán. Ẹ̀kẹta kì í tiẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹrin sì gba pé kí ẹ jọ jókòó. Ẹni tí ẹ bá kó nǹkan mẹ́rin síwájú rẹ̀ báyìí á mú èyí tó rọrùn jù, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé òun ti fèsì. Torí náà, tí ẹ bá rí i pé ohun tó rọrùn jù nìkan ni àwọn èèyàn máa ń dáhùn nínú ímeèlì yín, ẹ má rò pé wọn ò kà yín sí. Ẹ̀ ń bèèrè ohun tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Èwo wá ni kí ẹ mú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ẹ bi ara yín pé: ká ní ohun kan péré ni ẹni yìí máa ṣe kó tó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, èwo ló máa jẹ́ kí iṣẹ́ mi kúrò lójú kan? Lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, ìfọwọ́sí ni. Ọwọ́ àwọn olórí ẹ̀ka ni àwọn fọ́tò wà, torí náà, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ fọ́tò wà nínú ímeèlì ọ̀gá rárá. Ọ̀rọ̀ owó ìtẹ̀wé sì rèé, iye ojú ìwé ló máa pinnu rẹ̀, ẹ ò sì lè mọ iye ojú ìwé títí dìgbà tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Àsìkò rẹ̀ ò tíì tó nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ di ímeèlì mìíràn, lẹ́yìn tí ìfọwọ́sí bá ti dé. Ọ̀pọ̀ ni kì í fẹ́ pín ọ̀rọ̀ sí ímeèlì méjì mẹ́ta, wọ́n ní ó máa dà bíi pé àwọn ń da ọ̀gá láàmú. Èrò tèmi yàtọ̀. Ímeèlì kúkúrú tó béèrè ohun kan máa ń rí èsì kó tó di pé ẹni náà tún ṣí òmíràn, èyí tó gùn tó sì béèrè ohun mẹ́rin ló máa ń wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi gbàgbé rẹ̀.

Tí ẹ bá ti mú ohun kan náà, ẹ jẹ́ kó ní ibi tó parí sí. "Ẹ sọ èrò yín sí i" ò níbi tó parí sí. Ṣé gbólóhùn kan ni ẹ ń fẹ́ ni, àbí àtúnṣe láti ojú ìwé kìíní dé èyí tó kẹ́yìn? Ọ̀gá ò mọ̀, ló ṣe ń sún un síwájú dìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ìgbà yẹn kì í sì í dé. Ẹ sọ ibi tó yẹ kó kà gan-an. Ká ní ojú ìwé 4 sí 9 ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá fúnra rẹ̀ àti ìṣirò owó ọdún náà wà, tí ẹlòmíì sì ti yẹ ìyókù wò, ojú ìwé 4 sí 9 nìkan ni kí ẹ dárúkọ. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó máa kọ padà fún un. Tó bá lè fi gbólóhùn kan dá yín lóhùn lórí ìdúró, láìṣí kọ̀ǹpútà, ẹ ti bèèrè rẹ̀ dáadáa.

Ó wá kan ọjọ́. Ọjọ́ èsì kì í ṣe ọjọ́ tó kàn wuni, ẹ̀yìn la ti máa ń kà á bọ̀ síwájú. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé yín ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àárọ̀ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2026, ni ilé ìtẹ̀wé máa gba fáìlì. Ẹni tó ń to ojú ìwé nílò ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti fi àtúnṣe ọ̀gá sí i, ìyẹn Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 12 àti Ẹtì ọjọ́ 13. Tí ilẹ̀ Ọjọ́rú ọjọ́ 11 bá ṣú láìsí èsì, iṣẹ́ ti pẹ́ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ á wá kọ Ọjọ́rú sínú ímeèlì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó sí wàhálà, torí tí Ọjọ́rú bá kọjá láìsí èsì, kò ní sáyè kankan mọ́ láti ṣe nǹkan kan sí i. Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10 ni kí ẹ kọ. Ọjọ́rú á ṣẹ́ kù fún yín láti fi pe ọ̀gá lórí fóònù.

Àlàfo ọjọ́ kan tàbí méjì báyìí tó. Kí ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ń fẹ́ nǹkan nígbà tó jẹ́ pé oṣù tó ń bọ̀ lẹ máa lò ó. Àwọn èèyàn máa ń mọ̀. Tí wọ́n bá ti pẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n rí i pé nǹkan kan ò bàjẹ́, wọn ò ní ka ọjọ́ tí ẹ bá dá mọ́ sí.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí ẹ máa fi ímeèlì ránṣẹ́. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 5, ọ̀gá á ní Ẹtì, Ajé, àti èyí tó pọ̀ jù nínú Ìṣẹ́gun. Tí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, àfàìmọ̀ kí àwọn ímeèlì mìíràn má bò ó mọ́lẹ̀ kó tó di àárọ̀ Ajé, ọjọ́ tí ẹ fún un á sì wá kéré gan-an.

Bí ẹ ṣe kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ tún ṣe pàtàkì, mo sì máa rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ níbí. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. "Lọ́la" náà léwu, torí ẹni tó bá ṣí ímeèlì yín lọ́jọ́ kejì á máa ronú nípa ọ̀la tirẹ̀. "Láàárín ọjọ́ mẹ́ta" ńkọ́? Ṣé òní wà nínú ẹ̀? Ṣé Àbámẹ́ta àti Àìkú wà nínú ẹ̀? Tí ẹ bá kọ 10/3, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ló jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú ní Amẹ́ríkà, torí náà, ará ibẹ̀ á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá. Ìlànà àgbáyé ISO 8601 ní ká kọ ọ́ báyìí, 2026-03-10, ó sì dáa gan-an fún orúkọ fáìlì. Nínú lẹ́tà téèyàn máa kà, ẹ kọ orúkọ ọjọ́, ọjọ́, oṣù àti aago: Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù kẹta, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Orúkọ ọjọ́ àti nọ́ńbà máa ń jẹ́rìí síra wọn. Tí wọn ò bá wá bára mu, bí ẹni pé ẹ kọ Ìṣẹ́gun tó sì jẹ́ pé Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí ẹ kọ bọ́ sí, èsì àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí gbà ni pé "Èwo ni ká mú?" Torí náà, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ẹ yẹra fún aago méjìlá òru. Tí ẹ bá ní "aago méjìlá òru Ìṣẹ́gun", òru tí Ìṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ ni àbí òru tó parí? Tó bá sì jẹ́ pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ wà, ẹ sọ aago ibi tí ẹ ń tẹ̀ lé. Ẹ má sì gbára lé iye wákàtí tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni Lọ́ńdọ̀nù sábà máa ń fi ṣáájú Niú Yọ́ọ̀kì, àmọ́ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2026 tí à ń sọ yìí, mẹ́rin péré ni, torí Amẹ́ríkà á ti yí aago wọn síwájú ní ọjọ́ 8, tí Lọ́ńdọ̀nù ò sì ní yí tiwọn títí di ọjọ́ 29. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Lọ́ńdọ̀nù á jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán ní Niú Yọ́ọ̀kì lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe mọ́kànlá àárọ̀. Ẹni tó bá fi orí ṣírò rẹ̀ á ṣì í.

Ní ti ìbẹ̀rù yín pé ó lè dà bí àṣẹ, mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń jẹ́ kí ẹ máa fi "láìpẹ́" bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Tí àgbà ò bá mọ ọjọ́ tí ẹ ń fẹ́ nǹkan, kò lè fi sétò ara rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá wá pe fóònù pé iṣẹ́ ti fẹ́ bàjẹ́ ló máa wá mọ̀. Ìyẹn gan-an ló jọ àfojúdi. Iṣẹ́ ni kí ẹ so ọjọ́ mọ́, kì í ṣe ẹni náà. Ẹ sọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kó lè rí i pé ilé ìtẹ̀wé ló dá a, pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kàn gbé e kalẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìbéèrè, "ṣé ẹ lè bá mi", kí ọ̀wọ̀ yín sì hàn nínú "ẹ jọ̀wọ́" kan ṣoṣo. "Ẹ má bínú" ẹ̀ẹ̀mẹta kò fi kún ọ̀wọ̀, ṣe ló ń jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ sọ nù sáàárín ọ̀rọ̀.

Bí màá ṣe parí ímeèlì ọ̀gá yín rèé:

> Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi fọwọ́ sí ojú ìwé 4 sí 9 kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 oṣù kẹta? Ajé ọjọ́ 16 ni ilé ìtẹ̀wé máa gba fáìlì, a sì nílò ọjọ́ iṣẹ́ méjì fún àtúnṣe ṣáájú ìgbà yẹn. Tó bá ti dáa lójú yín, "Mo fọwọ́ sí i" nìkan ti tó. Tí ohun kan bá wà tí ẹ fẹ́ kí n yí padà, ẹ kọ ọ́ sí mi nínú èsì yín.
>
> Ẹ ṣeun, sà.

Ohun kan ni wọ́n bèèrè níbẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì wà láti dá a lóhùn. Tí ẹ bá fẹ́ fún un láyè sí i, ẹ lè fi kún un pé: "Tí ọjọ́ yẹn ò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ èyí tó máa rọrùn kí n lè tètè bá ilé ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀." Ohun kan náà lẹ ṣì ń bèèrè.

Ìpínrọ̀ yìí gbọ́dọ̀ dá dúró, kí àlàfo wà lókè rẹ̀, kó má sì sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ ju ọpẹ́ àti orúkọ yín lọ. Àṣà ọ̀pọ̀ ni láti tún kọ "Tí ẹ bá ní ìbéèrè kankan, ẹ má lọ́ra láti kàn sí mi" sísàlẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìyẹn ló máa di ohun ìkẹyìn tó kà, kò sì ní kó ṣe nǹkan kan. Tí ímeèlì náà bá gùn kọjá ohun tí ojú fóònù lè gbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi ohun kan náà ṣe àkọlé rẹ̀: "Ìfọwọ́sí ojú ìwé 4 sí 9, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10 oṣù kẹta." Àmọ́ ọjọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu o. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á yí ọjọ́ padà nísàlẹ̀, á sì gbàgbé èyí tó wà lókè.

Àwọn kan máa ń kọ ọ́ pé: "Tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí di Ìṣẹ́gun, màá máa bá a lọ bó ṣe wà." Ó wúlò fún nǹkan kékeré tó ṣeé tún ṣe, irú bí èwo nínú fọ́tò méjì ló máa wà lẹ́yìn ìwé. Kò yẹ kí ẹ lò ó fún ojú ìwé 4 sí 9. Orúkọ ọ̀gá wà níbẹ̀, ìṣirò owó wà níbẹ̀, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ ò lè kó o padà mọ́. Níbi owó, ìfọwọ́sí, tàbí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lórúkọ ẹlòmíì, kí ẹ má ka ìdákẹ́jẹ́ sí bẹ́ẹ̀ ni láé.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àwọn olórí ẹ̀ka tí kì í fèsì rárá. Mo fẹ́ gbà pé ímeèlì kan ṣoṣo lẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Tí orúkọ mẹ́rin bá wà níbi To, oníkálukú á rò pé ẹnì kan nínú àwọn yòókù ti dáhùn. Ẹ kọ ọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo wà níbi To, ẹni tó kàn nílò láti mọ̀ sí i sì lè wà níbi Cc. Ẹ dárúkọ fọ́tò náà gan-an: "Ṣé ẹ lè fi fọ́tò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù kẹfà, èyí tí gbogbo yín ti jọ dúró, ránṣẹ́ sí mi kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù kẹta?" Ọjọ́ tiwọn ṣáájú ti ọ̀gá, torí wíwá fọ́tò máa ń pẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ẹlòmíì á sì kọ́kọ́ fi èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó ránṣẹ́. Tó bá di dandan kó jẹ́ ímeèlì kan, ẹ to orúkọ wọn sísàlẹ̀, kí ohun kan ṣoṣo wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Ìránnilétí náà ní àsìkò tirẹ̀. Ẹ má dúró kí ọjọ́ kọjá. Láàárọ̀ Ajé ọjọ́ 9, ẹ fèsì sórí ímeèlì yín àkọ́kọ́ kí gbogbo rẹ̀ lè wà lójú kan, ẹ tún so fáìlì náà mọ́ ọn kó má bàa máa wá a kiri:

> Ẹ káàárọ̀, sà. Mò ń rán yín létí ìfọwọ́sí ojú ìwé 4 sí 9. Ọ̀la, Ìṣẹ́gun ọjọ́ 10, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mò ń retí rẹ̀. Fáìlì náà rèé. Ẹ ṣeun.

Ẹ má fi "gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀" sí i. Ẹ̀sùn ló máa ń jọ létí ẹni tó ń kà á. Ẹ sì rí i pé "ọ̀la" ò dá dúró níbẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tí aago mẹ́rin Ìṣẹ́gun bá kọjá láìsí èsì, ẹ má kọ ímeèlì kẹta. Ẹ pè é láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí ẹ sì béèrè ohun kan náà lẹ́nu. Tó bá sọ lórí fóònù pé òun fọwọ́ sí i, ẹ fi gbólóhùn kan kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀ kó lè wà lákọsílẹ̀. Tí Ọjọ́rú náà bá sì kọjá, ẹ má ṣàdédé dá ọjọ́ mìíràn látọkàn ara yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé ọjọ́ tó tún ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn Ajé ọjọ́ 16. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ tún kà á bọ̀ látẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kọ̀wé sí ọ̀gá pé fáìlì ò lè lọ ní ọjọ́ 16 mọ́, kí ẹ sọ ọjọ́ tuntun tí ilé ìtẹ̀wé fún yín, àti ọjọ́ tuntun tí ẹ nílò ìfọwọ́sí rẹ̀.